Ààrò Mẹ́ta Tí Olè Inú Ìwé Owó Fi Ń Dáná

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò tí a ti kọ́, ẹ ti mọ bí a ṣe ń kọ owó tí ó wọlé sí apá kan ìwé, tí a sì ń kọ owó tí ó jáde sí apá kejì. Ẹ ti mọ bí a ṣe ń yọ ọ́ láti mọ iye tí ó kù. Lónìí a ó sọ̀rọ̀ nípa ohun kan tí ìṣirò nìkan kò lè fi hàn wá. A ó wo bí ẹni tí a fi owó sí ìkáwọ́ rẹ̀ ṣe ń jí i, àti bí àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ yíyẹ ìwé owó wò ṣe ń fura.

Olè méjì ni ó wà. Èkínní ni ẹni tí ń fọ́ ilẹ̀kùn lóru. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n, nítorí rẹ̀ ni a sì ṣe ń ti ilẹ̀kùn. Èkejì ni ẹni tí àwa fúnra wa gbé kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́. Èyí kò fọ́ nǹkan kan. Ó jókòó sídìí tábìlì ní ọ̀sán gangan, ó mú kálámù, ó sì kọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ sínú ìwé. Olè kejì yìí ni ọ̀rọ̀ wa.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀mọ̀wé kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dónáldì Kírésì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wádìí ìdí tí ènìyàn fi ń rú òfin. Ó lọ sínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó sì bá àwọn tí wọ́n jẹ owó oníowó sọ̀rọ̀. Kì í ṣe gbogbo olè ni ó wá. Àwọn tí ó fẹ́ ni àwọn tí wọ́n gba iṣẹ́ wọn pẹ̀lú ọkàn rere, tí wọn kò ní ète láti jalè nígbà tí wọ́n wọ iṣẹ́ náà, tí wọ́n sì wá jalè lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1953 ó tẹ ìwé jáde lórí ohun tí ó rí. Ó ní ohun mẹ́ta ni ó máa ń pàdé lára irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kí ó tó na ọwọ́.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn oníṣirò owó wá ya ohun mẹ́ta náà sí àwòrán onígun mẹ́ta, tí wọ́n sì ń fi kọ́ ọmọ iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń fi igi dáná ní ohun tí ó yé wa ju àwòrán onígun mẹ́ta lọ. Ààrò mẹ́ta ni. Ẹ mọ̀ pé ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Bí òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dúró ṣinṣin, ìkòkò yóò jókòó, yóò sì hó. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan, ìkòkò yóò ṣubú. Ìkòkò olè náà rí bẹ́ẹ̀.

Òkúta kìíní ni ìnira tí ń ti ènìyàn láti ẹ̀yìn. Ẹ má ṣe rò pé òṣì ni Kírésì ń sọ. Ọ̀pọ̀ tálákà ni ó ń ṣọ́ owó ẹgbẹ́ tí kò jí kọ́bọ̀. Ohun tí ó rí ni ìṣòro tí ènìyàn kò lè sọ fún ẹlòmíràn nítorí ìtìjú. Ẹnì kan ta tẹ́tẹ́, ó jẹ gbèsè, kò sì lè sọ fún ìyàwó rẹ̀. Òmíràn ń gbé ayé ju agbára rẹ̀ lọ, kò sì fẹ́ kí àwọn ará ilé rí i pé òun ti wálẹ̀. Bí ó bá sọ ọ́ jáde, bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ì bá yá a lówó. Kò sọ ọ́, ó ń dá a gbé.

Òkúta kejì ni àyè. Ẹni náà mọ ọ̀nà tí owó fi lè jáde, ó sì gbà pé kò sí ẹni tí yóò rí òun. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni ó kọ́ ọ ní ọ̀nà náà. Ẹni tí kì í kọ ìwé owó kò lè mọ ibi tí ìwé owó ti lè purọ́.

Òkúta kẹta ni àwáwí. Èyí ni ó yà mí lẹ́nu jù nínú iṣẹ́ Kírésì. A máa ń rò pé olè kọ́kọ́ jalè, nígbà tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ ni ó ń wá àwáwí. Kírésì ní kò rí bẹ́ẹ̀. Àwáwí ni ó ń ṣáájú. Ẹni náà ti bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ tán kí ó tó fọwọ́ kan owó. Èyí tí Kírésì gbọ́ lẹ́nu wọn jù ni pé, "Mo kàn yá a ni, n ó dá a padà." Òmíràn lè sọ pé iṣẹ́ tí òun ń ṣe pọ̀ ju owó oṣù òun lọ. Nítorí àwáwí yìí ni ó ṣe ń sùn dáadáa lóru, tí ó ń kí gbogbo ènìyàn láàárọ̀, tí ojú rẹ̀ kò sì fi nǹkan kan hàn. Ìdí nìyí tí wíwo ojú ènìyàn kò fi lè jẹ́ ọ̀nà láti yẹ ìwé owó wò.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́.

Ìlú kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ Ílínọ́ì ní Amẹ́ríkà, tí à ń pè ní Díkísìn. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 16,000. Obìnrin kan, Rítà Kírọ́ńdúwẹ̀lì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìlú náà ní ọdún 1970, nígbà tí ó ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1983 wọ́n fi í ṣe alábòójútó owó ìlú. Olórí ìlú àti àwọn ìgbìmọ̀ kì í jókòó sí ọ́fíìsì ní gbogbo ọjọ́, nítorí wọ́n ní iṣẹ́ tiwọn. Rítà nìkan ni ó mọ gbogbo ìdí owó. Òun ni ó ń gba owó, òun ni ó ń kọ ṣẹ́ẹ̀kì, òun ni ó ń kọ ìwé, òun náà sì ni lẹ́tà báńkì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ ka gbólóhùn tí ó kẹ́yìn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì ń ṣe é.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1990, Rítà ṣí àpò owó kan ní báńkì. Ó fi orúkọ ìlú sí i, ó sì fún un ní orúkọ gígùn tí ó jọ ti iṣẹ́ ojú ọ̀gbàrá ìlú, kí ẹni tí ó bá rí i má baà fura. Kò sí ẹlòmíràn ní ọ́fíìsì tí ó mọ̀ pé àpò náà wà. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ọ̀nà tí owó ń gbà nìyí. Owó orí àti owó tí ìpínlẹ̀ ń fún ìlú yóò wọ inú àwọn àpò tòótọ́ ti ìlú. Rítà yóò kó o láti inú wọn sínú àpò kan tí ó jẹ́ ti iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Èyí kò burú lójú, nítorí àpò náà jẹ́ ti ìlú ní tòótọ́. Lẹ́yìn náà, yóò kọ ṣẹ́ẹ̀kì láti inú rẹ̀. Ní ibi tí a ń kọ orúkọ ẹni tí yóò gba owó, kò ní kọ orúkọ ènìyàn tàbí ilé iṣẹ́. "Akápò" ni yóò kọ. Ṣẹ́ẹ̀kì yìí ni yóò gbé lọ sínú àpò ìkọ̀kọ̀.

Ṣùgbọ́n owó tí ó jáde gbọ́dọ̀ ní ìdí nínú ìwé. Nítorí náà, Rítà jókòó, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìwé ìbéèrè owó, bí ẹni pé ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ń béèrè owó iṣẹ́ tí ó ṣe fún ìlú. Bí ẹ bá yẹ ìwé náà wò, owó 250,000 jáde, ìwé ìbéèrè owó 250,000 sì wà níbẹ̀. Ìṣirò náà pé. Mo mú iye yìí wá fún àpẹẹrẹ ni o, kí ẹ lè rí i pé ìṣirò lè pé kí ó sì jẹ́ irọ́.

Ní ọdún 1991, ó jí 181,000 dọ́là. Ní ọdún 2008 nìkan, ó jí mílíọ̀nù 5.8. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kọjá mílíọ̀nù 53 dọ́là. Owó iṣẹ́ ọdún kan rẹ̀ kò ju nǹkan bí 80,000 lọ. Ẹṣin ni ó ń fi owó náà rà. Ó ní ẹṣin tí ó tó 400, ó sì ń gba ẹ̀bùn lórí wọn káàkiri Amẹ́ríkà. Gbogbo ìlú mọ̀ pé ó ní ẹṣin. Wọ́n rò pé ẹṣin ni ó ń mú owó wá fún un, wọn kò sì béèrè ìwé kankan.

Nígbà tí owó ìlú kò tó ná mọ́, Rítà sọ fún ìgbìmọ̀ pé ìjọba ìpínlẹ̀ ni kò tètè san owó tí ó yẹ kí ó san. Wọ́n gbà á gbọ́. Wọ́n gé owó tí ẹ̀ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ná. Ní ọdún 2011, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ yìn ín ní gbangba pé ó ń ṣọ́ owó ìlú bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́ ju bí ẹni tí ó sọ ọ́ ti mọ̀ lọ.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, àwọn aṣàyẹ̀wò ìwé owó ń wá láti ìta. Wọ́n wá lọ́dọọdún, wọn kò sì rí i. Kí ni ó fà á? Ìwé tí wọ́n ń yẹ̀ wò, láti ọwọ́ ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò ni ó ti ń wá. Bí wọ́n bá mú ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìbéèrè owó náà, tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ìjọba ìpínlẹ̀ láti béèrè pé, "Ǹjẹ́ ẹ̀yin ni ẹ kọ ìwé yìí? Ǹjẹ́ owó náà dé ọwọ́ yín?", ìdáhùn kan ṣoṣo ni ì bá padà wá. Bí wọ́n bá tọ ipasẹ̀ ṣẹ́ẹ̀kì kan tí a kọ "Akápò" sí dé àpò tí ó wọ̀, wọn ì bá bá àpò tí kò sí nínú ìwé ìlú.

Báwo ni àṣírí ṣe wá tú? Rítà lọ ìsinmi. Ní ìgbà òjò dídá ọdún 2011, ó gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láti tẹ̀lé àwọn ẹṣin rẹ̀. Akọ̀wé ìlú ni ó dúró sípò rẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ ṣe ìṣirò ìparí oṣù, ó ní kí báńkì fi ìwé ìṣirò gbogbo àpò ìlú ránṣẹ́ sí òun. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà "gbogbo". Kò béèrè àwọn tí ó mọ̀ nìkan. Báńkì kó gbogbo rẹ̀ wá, ọ̀kan sì wà nínú wọn tí akọ̀wé náà kò rí rí. Ní oṣù kan ṣoṣo, owó wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 785,000 dọ́là. Kò pariwo. Ó mú ìwé náà tọ olórí ìlú lọ, olórí ìlú sì mú un tọ àwọn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ lọ. Wọ́n fi bí oṣù mẹ́fà ṣọ́ ọ kí wọ́n tó mú un ní oṣù Kẹrin ọdún 2012. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, adájọ́ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 19 àti oṣù 7. Wọ́n ta àwọn ẹṣin náà. Ìlú pe àwọn aṣàyẹ̀wò ìwé owó àti báńkì lẹ́jọ́, wọ́n sì san mílíọ̀nù 40 dọ́là fún ìlú. Ní ọdún 2021 wọ́n jẹ́ kí Rítà jáde kúrò nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n láti parí ìyókù níta, ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 sì ni ààrẹ Amẹ́ríkà fòpin sí ìyókù ìjìyà náà.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀ràn yìí ka orí ààrò mẹ́ta. Òkúta kìíní ni ìfẹ́ ẹṣin àti ògo rẹ̀. Kì í ṣe ebi. Òkúta kejì ni iṣẹ́ mẹ́rin lọ́wọ́ ẹnì kan. Òkúta kẹta wà nínú ọkàn rẹ̀, kò sì sí aṣàyẹ̀wò tí ó lè ṣí ọkàn ènìyàn bí ìwé.

Ibí yìí ni ọgbọ́n àwọn oníṣirò owó wà. Nínú òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan ṣoṣo ni ó wà ní ìkáwọ́ wa láti gbé kúrò, òun ni àyè. Àwa kọ́ ni a ó san gbèsè gbogbo akápò. A kò sì lè pàṣẹ fún ọkàn rẹ̀ pé kí ó má ṣe wá àwáwí. Ṣùgbọ́n a lè pín iṣẹ́ náà. Ẹni tí ń gba owó kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ń kọ ìwé, ẹni tí ń kọ ìwé kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ń gba lẹ́tà báńkì. Bí ọ̀kan bá purọ́, ìwé ẹnì kejì yóò tú u. Ìdí tí àwọn ilé báńkì púpọ̀ fi ń fi agbára mú òṣìṣẹ́ lọ sí ìsinmi náà nìyí, kí ẹlòmíràn lè jókòó sórí àga rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Akápò tí kì í rìnrìn àjò, tí kì í ṣàìsàn, tí kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun mú ìwé, a máa ń yìn ín fún aápọn. Aṣàyẹ̀wò a máa kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti bi í ní ìbéèrè sí i.

Pípín iṣẹ́ ní ààlà tirẹ̀ o. Bí akápò àti akọ̀wé bá gbìmọ̀ pọ̀, ìwé méjèèjì yóò bára mu, irọ́ náà yóò sì dúró.

Nítorí náà, ìfura gbọ́dọ̀ wà. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Ìfura tí a ń sọ yìí kì í ṣe pé kí a máa pe ènìyàn ní olè. Òfin àyẹ̀wò tí àwọn oníṣirò owó àgbáyé ń lò, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 240, sọ fún aṣàyẹ̀wò pé kí ó fi í sọ́kàn pé irọ́ lè wà, bí ó tilẹ̀ ti mọ àwọn ènìyàn náà sí olóòótọ́ tẹ́lẹ̀. Kò ní kí ó gbà pé wọ́n burú, kò sì ní kí ó gbà pé wọ́n dára. Ó ní kí ó béèrè ẹ̀rí. Bí wọ́n bá sọ fún un pé ìpínlẹ̀ kò san owó, kò ní mi orí lásán. Yóò béèrè lọ́wọ́ ìpínlẹ̀.

Ẹ̀rí sì ju ara wọn lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu akápò ni ó kéré jù. Ìwé tí akápò fúnra rẹ̀ kọ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ díẹ̀. Ìwé tí ó ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn wá, tí kò sì gba ọwọ́ akápò kọjá, ni ó lágbára jù.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí ṣe ìṣirò kan. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà kan ní ọmọ ẹgbẹ́ 40. Olúkúlùkù ń dá 500 fíráǹkì lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kan, 40 lọ́nà 500 jẹ́ 20,000. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó jẹ́ 80,000. Akápò wá, ó ní 74,000 ni ó wà nínú àpótí. Ẹ kà á, ó pé 74,000. Ẹ wo ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejìlá ni ẹnì kan kò san. 12 lọ́nà 500 jẹ́ 6,000. Àpótí àti ìwé bára mu. Ṣé iṣẹ́ ti parí?

Kò tíì parí. Akápò ni ó ń ṣọ́ àpótí, òun náà ni ó kọ ìwé. Ẹ̀rí kẹta dà? Ó wà nílé àwọn ọmọ ẹgbẹ́, nínú káàdì tí a ń sàmì sí ní ọjọ́ tí ẹni kọ̀ọ̀kan bá san. Ẹ gba káàdì àwọn tí ìwé sọ pé wọn kò san. Kí akápò má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò lọ gbà á wá. Bí ẹ bá rí i pé nínú ìgbà 12 náà, àmì wà lórí káàdì fún ìgbà 9, a jẹ́ pé 9 lọ́nà 500, èyí tí í ṣe 4,500 fíráǹkì, ni a san tí kò dé inú ìwé.

Síbẹ̀, ẹ má ì pè é ní olè. Àṣìṣe wà, olè sì wà, ọ̀nà kan sì wà láti mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Àṣìṣe a máa lọ sí apá méjèèjì. Ẹni tí ń gbàgbé a máa gbàgbé láti kọ ọ́ sínú ìwé nígbà mìíràn, a sì máa gbàgbé láti sàmì sí káàdì nígbà mìíràn, tí owó inú ìwé yóò fi pọ̀ ju ti káàdì lọ. Olè kì í lọ sí apá méjèèjì. Apá kan ṣoṣo ni ó ń lọ, ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Ẹ wo orúkọ àwọn tí owó wọn sọnù pẹ̀lú. Bí ó bá ká gbogbo ẹgbẹ́, ó lè jẹ́ àṣìṣe. Bí ó bá jẹ́ ti àwọn ìyá àgbà tí kò mọ̀wé kà, tàbí ti àwọn tí kì í wá sí ìpàdé, ó ti di ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ìbéèrè fún kíláàsì: Nínú ẹgbẹ́ yìí kan náà, ìwé oṣù tí ó tẹ̀lé e fi hàn pé ọmọ ẹgbẹ́ 3 kò san rárá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn yòókù san pé. Èló ni ó yẹ kí ó wà nínú àpótí? Káàdì àwọn mẹ́ta náà dà, ta ni ẹ ó sì rán lọ gbà á?